Ẹ Wo Afẹ́fẹ́ Kí Ẹ Tó Ṣáná

Bí oko bá jó, màjàlà ní í sọ fún ará ilé. Àgbẹ̀ tó bá dúró de màjàlà kó tó mọ̀ pé iná ti bọ́ lọ́wọ́ òun, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ní Òkákà àti káàkiri Òkè-Ògùn, eèrùwà a máa ga ju èèyàn lọ, ọyẹ́ a sì mú un gbẹ fín-ínfín.

Ká ní ẹnì kan fẹ́ sun oko éékà kan ní Òkákà. Ìhà àríwá àti ìlà oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, bẹ́ẹ̀ oko kajú aládùúgbò rẹ̀ wà ní gúúsù, lápá ìwọ̀ oòrùn. Kajú yìí gan-an ni iná yóò dojú kọ, nítorí náà ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó ro ààlà yí oko ká títí ilẹ̀ yóò fi hàn lásán. Kí fífẹ̀ rẹ̀ tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta gíga koríko. Lápá kajú, kí ó tún fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú oko ni kí ó gbá pàǹtí sí, kì í ṣe ẹ̀yìn ààlà. Kí ó gé igi gbígbẹ tó dúró létí ààlà, torí ààlà ń dá iná ilẹ̀ dúró ni, kò lè dá ẹ̀ta iná tó ń fò lókè dúró.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń wo afẹ́fẹ́. Ẹ bu erùpẹ̀ gbígbẹ, kí ẹ dà á sílẹ̀ láti èjìká, kí ẹ wo ibi tí eruku ń lọ. Bí ewé igi bá ń mì láìdákẹ́, tàbí tí eruku ń yí ọ̀nà padà, ẹ gbélé lọ́jọ́ náà.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ sun ún, nígbà tí oòrùn ti rọ̀, kí ẹ ti sọ fún àwọn aládùúgbò, ọdẹ àti darandaran ṣáájú. Kí ẹni mẹ́ta ó kéré tán dúró pẹ̀lú omi àti ẹ̀ka igi tútù. Apá kajú, lẹ́bàá ààlà, ni kí ẹ kọ́kọ́ tiná bọ̀, kí iná lè máa fi pẹ̀lẹ́ jẹ koríko lọ sójú afẹ́fẹ́. Tó bá ti jó tó ìgbésẹ̀ mẹ́wàá wọlé, ẹ wá tiná bọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá ló kẹ́yìn. Iná ibẹ̀ yóò bá ilẹ̀ jíjó pàdé, yóò sì kú. Ẹni tó fi ibẹ̀ ṣáájú torí kó lè tètè parí ni iná ń fò lọ mọ́ lọ́wọ́.

Àkókò náà lọ́rọ̀. Ní 1929 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò nínú igbó ọba Olókèmejì: wọ́n ń sun apá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, apá kan ní ìparí rẹ̀, wọn ò sì sun apá kẹta rárá. Èyí tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn di pápá tí igi rẹ̀ kò pọ̀. Èyí tí wọn kò sun di igbó. Nítorí náà, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ sun oko; bí oṣù kejì ọdún bá ká yín mọ́, ẹ má ṣáná mọ́. Ẹ gé koríko náà, kí ẹ fi bo orí ebè iṣu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ padà sí oko kí oòrùn tó mú. Ẹ na ẹ̀yìn ọwọ́ sí ìtòsí kùkùté àti ìgbẹ́ màlúù; èyí tó bá ṣì gbóná, ẹ tú u, ẹ da omi sí i, kí ẹ tó fi erùpẹ̀ bò ó.