Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Púrójẹ́ẹ̀tì Yín Ti Ju Sẹ̀mẹ́sítà Kan Lọ

Lásìkò tí wọ́n bá ń pín súpáfáísọ̀ báyìí, ìbéèrè kan náà ni àwọn àbúrò máa ń gbé wá bá mi ní lábù tí mo ti ń ṣe másítà mi: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé tópíìkì yìí ò ti pọ̀ jù?" Ọ̀pọ̀ ló rò pé ojú lásán la fi ń mọ̀ ọ́n. Rárá o, ìṣirò ni. Lẹ́yìn ìṣirò ló wá kan ibi tí a ó ti gé e, torí pé ibi tí a ti gé e ló ń pinnu bóyá máàkì á lọ tàbí kò ní lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan tó wọ́pọ̀ ní ẹ̀ka ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí, ká ṣe é látòkè délẹ̀. Omi kànga ni.

Tópíìkì bó ṣe wà tẹ́lẹ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ yẹ omi kànga gbogbo ìlú rẹ̀ wò. Ó fẹ́ mọ iye kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ ní ìgbà òjò àti ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òjé wà níbẹ̀, bóyá oògùn ṣì ń ran àwọn kòkòrò náà, àti àìsàn tí omi ọ̀hún ń fà fún àwọn tó ń mu ún. Kànga 40 ló kọ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò sì bu omi nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Ó dùn-ún gbọ́, àbí? Ó yá, ẹ jẹ́ ká kà á. Kànga 40, ìgbà 2, ẹ̀ẹ̀mẹta: ìgò omi 240 nìyẹn.

Ẹ wá ibi tí iṣẹ́ ti ń falẹ̀ jù

Ẹ má fi iye ọjọ́ tó wà nínú sẹ̀mẹ́sítà bẹ̀rẹ̀ ìṣirò yín. Ibi tí iṣẹ́ ti ń falẹ̀ jù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí kò sí bí ẹ ṣe lè sáré tó níbòmíràn, ibẹ̀ ni ẹ ó ti dúró.

Nínú àyẹ̀wò omi, àtikà kòkòrò ni. Ọ̀nà tí a sábà ń lò ní lábù wa ni ti túùbù mẹ́sàn-án. A ó bu mílílítà 10 omi kànga sínú túùbù 3, mílílítà 1 sínú 3 mìíràn, àti ìdá kan nínú mẹ́wàá mílílítà sínú 3 tó kù. Oúnjẹ kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Mákọ́ńkì ti wà nínú gbogbo wọn, pẹ̀lú túùbù wẹ́wẹ́ tí a dojú rẹ̀ dé sísàlẹ̀. Tí kòkòrò kólífọ́ọ̀mù bá wà níbẹ̀, omi inú túùbù á kúrò ní àwọ̀ àlùkò á di pupa rẹ́súrẹ́sú, afẹ́fẹ́ á sì kóra jọ sínú túùbù wẹ́wẹ́ yẹn. A ó ka iye túùbù tó yí padà, a ó sì wo táábìlì láti mọ iye kòkòrò tó ṣeé ṣe kó wà nínú mílílítà 100.

Ẹ wo àkókò tó ń gbà. A bu omi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, a gbé e sínú kúlà oníyìnyín, a sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ láàárín wákàtí 6. A fi túùbù sínú ínkúbétọ̀ ní dígírì 37, a wò ó lọ́jọ́ kejì, a tún wò ó ní Ọjọ́rú. Àwọn tó yí padà la ó ti mú díẹ̀ lọ sórí àwo àgà láti wá íkólì, kòkòrò tó ń fi hàn pé ìgbẹ́ ti kan omi náà. Ọjọ́bọ̀ la ó ka ìyẹn. Ọjọ́ Ẹtì, a ó fọ túùbù, a ó po oúnjẹ kòkòrò tuntun, a ó sì sè é nínú ótókíléèfù fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ẹ̀ rí i pé ọ̀sẹ̀ ti tán?

Ìgò 6 ni ẹnì kan lè fọkàn ṣe lọ́sẹ̀ ní lábù tí gbogbo èèyàn jọ ń lò. Ìgò 6 á gba túùbù 54. Ẹ fi túùbù 9 kún un fún omi tí a ti sè tí kò ní kòkòrò kankan, èyí tí a fi ń mọ̀ pé ìdọ̀tí ọwọ́ wa kọ́ là ń kà: túùbù 63 nìyẹn. Tí ẹ bá wá pín ìgò 240 sí mẹ́fà-mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ 40 ló máa gbà.

Ọ̀sẹ̀ mélòó lẹ ní ní tòótọ́?

Ẹ jẹ́ ká ní sẹ̀mẹ́sítà yín jẹ́ ọ̀sẹ̀ 15. Ẹ yọ 3 fún àbá ìwádìí, ìbuwọ́lù súpáfáísọ̀ àti ríra nǹkan èlò. Ẹ yọ 1 fún ìdánwò kékeré tí mo máa sọ nísàlẹ̀. Ẹ yọ 4 níparí fún kíkọ àti àtúnṣe, torí súpáfáísọ̀ kò ní ka iṣẹ́ yín lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ fún un. Ẹ yọ 1 mìíràn fún Nẹ́pà: tí iná bá lọ lóru tí ínkúbétọ̀ tutù, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ 6 ló kù.

Ọ̀sẹ̀ 6 ní ìgò 6-6 jẹ́ ìgò 36. Iye tí iṣẹ́ yìí lè gbà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ 240 ló wà lórí ìwé.

Ohun tí ẹ lè gé

Ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló kọ́kọ́ máa lọ. Sẹ̀mẹ́sítà kan kì í sábà gba ìgbà méjèèjì, kò sì sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i. Àìsàn ará ìlú ló tẹ̀ lé e: ẹ ó ní láti bi èèyàn léèrè nípa ìlera wọn, ìyẹn sì ń béèrè ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìlànà ìwádìí lórí èèyàn, tó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó jáde. Òjé tún nìyẹn: ẹ̀rọ mìíràn, owó mìíràn, ìmọ̀ mìíràn. Bóyá oògùn ń ran kòkòrò tàbí kò ràn án, odindi púrójẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn nìyẹn jẹ́.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìbéèrè tó dá dúró ni gbogbo ohun tí a yọ wọ̀nyí. Nígbà tí a yọ wọ́n, èyí tó kù ò fọ́.

Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn

Níbi yìí ni máàkì ti ń lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn á fi kànga 40 sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n á wá bu omi lẹ́ẹ̀kan péré nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rò pé ó ṣì tóbi, torí náà máàkì á pọ̀. Ẹ wo ìdí tí ìyẹn ò fi dáa. Tí túùbù mílílítà 10 mẹ́ta bá yí padà, tí ọ̀kan nínú ti mílílítà 1 yí padà, tí ìkankan ò yí padà nínú èyí tó kéré jù, táábìlì á sọ pé kòkòrò 43 ló wà nínú mílílítà 100. Ṣùgbọ́n táábìlì kan náà á sọ pé ó lè jẹ́ 9, ó sì lè jẹ́ 180. Kí lẹ fẹ́ fi ìgò kan ṣoṣo jà lé lórí? Olùdánwò tó bá mọ iṣẹ́ á bi yín, ẹ ò sì ní rí èsì fọ̀.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni ẹ ò gbọdọ̀ gé: ìfiwéra tó ń dáhùn ìbéèrè, àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mẹta, àti túùbù omi tí kò ní kòkòrò. Iye kànga ni kí ẹ gé.

Tópíìkì tuntun

Ó wá di: *Ìyàtọ̀ iye kólífọ́ọ̀mù àti íkólì nínú kànga tó ní ìdérí àti èyí tó ṣí sílẹ̀ ní àdúgbò kan*. Kànga 6 tó ní ìdérí, 6 tí kò ní, ẹ̀ẹ̀mẹta-mẹ́ta: ìgò 36 géérégé. Gbogbo kànga náà ló jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi okùn àti kéréǹgbè fà. Tí kànga onídèérí bá jẹ́ ti ẹ̀rọ tó ń fa omi, tí èkejì jẹ́ ti okùn, ẹ ò ní mọ èyí tó fa ìyàtọ̀. Ẹ tún fi téèpù wọn bí ṣaláńgá ṣe jìnnà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò náni lówó, ó sì máa wúlò nígbà tí ẹ bá ń jíròrò èsì.

Ẹ pín kànga sí ọ̀wọ́ méjì. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní 3 onídèérí àti 3 tó ṣí sílẹ̀. Ọ̀wọ́ kìíní lọ́sẹ̀ kìíní, ọ̀wọ́ kejì lọ́sẹ̀ kejì, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn bẹ́ẹ̀. Àǹfààní méjì ló wà níbẹ̀. Tí òjò ńlá bá rọ̀ lọ́sẹ̀ kan, oríṣi kànga méjèèjì ló máa kàn bákan náà. Tí ìyanṣẹ́lódì bá sì gba ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn, gbogbo kànga ṣì ní ẹ̀ẹ̀mejì-mejì, iṣẹ́ yín ò sì dà rú.

Tó bá di ìṣirò èsì, ẹ má ka ìgò 36 bí ẹni pé kànga 36 ni. Ẹ mú iye tó wà láàárín nínú mẹ́ta ti kànga kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá fi 6 wé 6. Kànga 6-6 ò lè fi ìyàtọ̀ kékeré hàn, ìyàtọ̀ ńlá ló lè gbé jáde. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú iṣẹ́ yín. Àmọ́ ti íkólì ò nílò jàn-ánràn-jan-anran: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò gbọdọ̀ sí rárá nínú mílílítà 100 omi mímu, torí náà kànga tí ẹ bá ti rí i, ó ti já nìyẹn.

Ìdánwò kékeré

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú kànga 2, ọ̀kan nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ṣe gbogbo iṣẹ́ náà tán láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Nǹkan méjì lẹ ń wò. Èkíní, wákàtí mélòó ni ó gbà yín? Tó bá ju bí ẹ ṣe rò lọ, ẹ dín kànga kù sí 8 báyìí, kì í ṣe lọ́sẹ̀ kẹwàá. Èkejì, ṣé gbogbo túùbù mẹ́sàn-án ló yí padà? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí táábìlì lè sọ ò ju pé ó lé ní 1100. Tí oríṣi méjèèjì bá sì jẹ́ "ó lé ní 1100", kò sí ìfiwéra kankan níbẹ̀. Ẹ fi omi tí kò ní kòkòrò là á ní ìlọ́po mẹ́wàá, kí ẹ sì fi 10 sọ èsì yín di púpọ̀.

Ibi tí ohun tí a gé ń lọ

Ẹ má kàn sọ ọ́ nù. Nínú Orí Kìíní, lábẹ́ ààlà iṣẹ́, ẹ kọ ohun tí ẹ yọ àti ìdí rẹ̀. "Àyè àti owó ò gbà wá" kò tó. Ẹ kọ pé ọ̀sẹ̀ 6 ni lábù fàyè gbà, ìgò 6 lọ́sẹ̀, àti pé ẹ yan kànga 12 kí ẹ lè bu omi ẹ̀ẹ̀mẹta dípò kànga 36 lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ka ìyẹn á mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín fa ààlà yẹn. Òjé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti oògùn á lọ sí Orí Karùn-ún, níbi àbá fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ gbé ìṣirò yìí sórí ìwé kan ṣoṣo lọ bá súpáfáísọ̀ yín: ìgò 240, ọ̀sẹ̀ 40, ọ̀sẹ̀ 6 tó wà nílẹ̀, àti tópíìkì tuntun. Ó rọrùn fún wọn láti buwọ́ lù ú ju kí ẹ sọ pé "Dókítà, iṣẹ́ yìí ti pọ̀ jù fún mi" lọ.