Yíyọ Fọ́tò Tó Mọ́ Lára Fídíò Òde
Ẹ̀yin aránṣọ wa, ẹ lè yọ fọ́tò aṣọ tí ẹ rán lára fídíò òde láti fi polówó. Ẹ fi VLC ṣí fídíò náà lórí kọ̀ǹpútà Windows. Bí oníbàárà yín bá ń jó, àwòrán á ṣe bàìbàì. Ẹ wá ibi tó ti dúró díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń náwó fún un. Ẹ dá fídíò dúró ṣáájú ibẹ̀, kí ẹ máa tẹ lẹ́tà E, tó ń sún un síwájú ní àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bí iṣẹ́ ọnà ọrùn aṣọ bá ti hàn ketekete, ẹ tẹ Shift+S. Fọ́tò á bọ́ sínú Pictures láìsí bọ́tìnnì kankan lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí kámẹ́rà ti yà ní bàìbàì kò ní mọ́. Ẹ wá ibòmíràn nínú fídíò náà.