Rẹ́múrẹ́mú Ni Ohun Ẹni Ń Bá Ni Mu

Ṣòkòtò àgbàwọ̀ kì í yẹni. Bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Òwe yìí ló sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí ìyá kan tó ń rẹ àdìrẹ, tó sì ń tà á ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, fi fláyà tuntun hàn mí lórí fóònù. Ọmọ rẹ̀ mú tẹ́ńpílétì ọ̀fẹ́ lórí Canva, ó pa orúkọ tó wà níbẹ̀ rẹ́, ó kọ ti ìyá rẹ̀ sí i. Ilẹ̀ pínǹkì, ewé wúrà ní igun, obìnrin òyìnbó ń rẹ́rìn-ín láàárín.

"Ọmọ mi, ṣé ó dáa?"

"Ó mọ́ tónítóní, Mà, ṣùgbọ́n ta ló máa mọ̀ pé àdìrẹ lẹ ń tà?"

Òyìnbó yẹn la kọ́kọ́ yọ. A gbé àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan síta sábẹ́ òjìji ní aago 9 àárọ̀, torí iná fóònù máa ń sọ aró di dúdú, oòrùn gangan a sì mú funfun rẹ̀ dán jù. Mo sún mọ́ ọn títí aṣọ fi kún ojú fóònù, mo ní kí ìyá fọwọ́ mú etí aṣọ náà. Ọwọ́ yẹn, tí aró ti wọ èékánná rẹ̀, kò sí nínú tẹ́ńpílétì ẹnikẹ́ni.

Inú fọ́tò náà la ti mú àwọ̀. Tí ẹ bá tẹ ilẹ̀ iṣẹ́ yín, tí ẹ ṣí ibi àwọ̀, Canva á to àwọn àwọ̀ tó wà nínú fọ́tò síbẹ̀. Búlúù tó jinlẹ̀ jù ni mo fi ṣe ilẹ̀. Funfun ibi tí ẹ̀kọ kò jẹ́ kí aró dé ni mo fi kọ̀wé. Pínǹkì àti ewé wúrà kúrò pátápátá, torí bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, ẹni tó ti rí tẹ́ńpílétì náà rí á dá a mọ̀.

Lẹ́tà ló gba sùúrù jù. Ọ̀pọ̀ fọ́ńtì tó rí bí ìkọ̀wé ọwọ́ ni kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Tí a bá tẹ̀ wọ́n, ti fọ́ńtì mìíràn ló máa yọjú, orúkọ á wá dà bí ẹ̀wù tí a fi aṣọ ọ̀tọ̀ lẹ̀. Kí n tó yan fọ́ńtì, mo máa ń tẹ "Ẹ̀gbá ọ̀ṣọ́ ńlá", màá fẹ̀ ẹ́ gbàgàdà. Bí Ẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́ ju g lọ, tàbí tí àmì ohùn bá sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi í sílẹ̀. Noto Sans la padà lò.

Àmì òdòdó kan wà lókè tẹ́ńpílétì náà tí ọmọ náà fẹ́ fi ṣe àmì ilé iṣẹ́ wọn. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀: ẹlòmíràn lè lo òdòdó kan náà, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè fi òfin gbà á ní tiwọn nìkan.

A pa "New Collection" tó wà níbẹ̀ rẹ́, a kọ "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, yáàdì 5, Ìtòkú". Ìyá wò ó títí, ó ní kí n jẹ́ kí nọ́ńbà fóònù tóbi sí i, torí àwọn oníbàárà òun tó ti dàgbà kì í rí ohun wínníwínní. Ìlà méjì la yọ kí àyè lè gbà á.