Oògùn Sìgá àti Ewé Tó Kù

Ohun mẹ́rin ni ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá sábà máa ń bá pàdé bí kò bá gba ilé ìwòsàn lọ. Èkíní ni hípínósíìsì: ẹni tó ń ṣe é á fi ohùn jẹ́jẹ́ mú ọkàn ènìyàn wálẹ̀ títí yóò fi dà bí ẹni tó ń tòògbé, á wá máa sọ fún un pé sìgá ti di ohun ìríra. Èkejì ni abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà, akupọ́ńṣọ̀, tí wọ́n sábà máa ń gún sí etí. Ẹ̀kẹta ni iná lésà, tí wọ́n ń tàn sí ojú ibi kan náà tí abẹ́rẹ́ ì bá gún. Ẹ̀kẹrin ni egbòogi. Ní ìgboro Kàdúná, egbòogi ló gba iwájú. Ó wà nínú ìgò lórí àtẹ ìyá alágbo ní Sabon Tasha, ó sì wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ mai magani tó gbé gbohùngbohùn dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Lésà àti hípínósíìsì, orí fóònù ni ìpolówó wọn ti ń bá ènìyàn.

Ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́. Oògùn tí kò bá jẹ́, ewé kan ló kù níbẹ̀. Òwe yìí ni gbogbo wọn fi ń ṣayé, títí kan àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rí. Bí oníbàárà bá padà wá pé òun tún ti ń mu sìgá, alágbo á ní kò lò ó tán, tàbí pé ó yẹ kó gba ìgò kejì. Onílésà á ní ó ku ẹ̀ẹ̀mejì kó tó pé. Oníhípínósíìsì á ní ọkàn rẹ̀ kò tíì gbà. Owó ń lọ, oògùn kò sì jẹ̀bi rí. Ohun tí kò sí ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ bí ó bá kùnà, kò sí ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ bí ó bá ṣiṣẹ́.

Kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní ọgọ́rùn-ún awakọ̀ ní ibùdókọ̀ Kawo ra ìgò àgbo kan náà lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n sì pa sìgá tì. Ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń le jù: níkótíìnì ti ń fi ara sílẹ̀, inú á máa bí wọn sí ohun tí kò tó nǹkan, oorun á dá, ọwọ́ á máa wá ohun tí yóò mú. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, èyí tó pọ̀ jù nínú ìnira yẹn á ti rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, yálà ènìyàn mu àgbo tàbí omi lásán. Ìdí nìyẹn tí oògùn tí wọ́n ní kí a lò fún oṣù kan fi máa ń gba ìyìn tí kò ṣiṣẹ́ fún. Bí oṣù mẹ́fà bá pé, nínú ọgọ́rùn-ún tó gbìyànjú láìsí oògùn gidi kankan, bíi mẹ́fà ló ṣeé ṣe kó ṣì dúró. Mẹ́fà yìí ló máa sọ̀rọ̀ nínú fídíò alágbo, ọ̀rọ̀ wọn ò sì ní í jẹ́ irọ́, nítorí pé lóòótọ́ ni wọ́n mu ún, lóòótọ́ ni wọ́n sì jáwọ́. Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún yòókù kò ní í wá sí ìdí fídíò.

Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ mọ òótọ́ á pín ènìyàn sí ọ̀wọ́ méjì láìṣe ojúsàájú, á fún ọ̀wọ́ kan ní oògùn, á fún ọ̀wọ́ kejì ní ohun tó jọ ọ́, á wá kà wọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Fún abẹ́rẹ́, àwọn olùwádìí máa ń gún ọ̀wọ́ kejì sí ibi tí kò tọ́. Ẹgbẹ́ Cochrane, tó ń kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ láti gbogbo ayé, gbé ti abẹ́rẹ́ jáde lọ́dún 2014. Ìwádìí 38 ni wọ́n yẹ̀ wò: abẹ́rẹ́ gidi lè ràn díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹ̀rí tó dúró pé ó ju ti ẹ̀tàn lọ nígbà tí oṣù mẹ́fà bá pé. Ẹ̀rí ti lésà kò pọ̀, ohun tó sì wà níbẹ̀ ń takora. Ọdún 2019 ni ti hípínósíìsì jáde, ìwádìí 14: kò sí ẹ̀rí tó ṣe kedere pé ó ju kí ènìyàn jókòó ti onímọ̀ kan kó gba ìmọ̀ràn. Ìyẹn kò sọ pé kò lè ràn ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó bá ń ṣèlérí ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ń purọ́.

Lórí egbòogi, ìdánwò ojú ẹsẹ̀ ló máa ń tan ènìyàn jù. Wọ́n á ní kí oníbàárà fi oògùn yọ ẹnu, kó tan sìgá kan kó fà á. Ẹnu á korò, ojú á sì fún pọ̀. Wọ́n ti dán irú ọgbọ́n yìí wò nílẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú èròjà fàdákà tó ń sọ èéfín di kíkorò. Ọdún 1993 ni ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n yé tà á gẹ́gẹ́ bí oògùn sìgá láìsí ìwé dókítà, pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń fà yọ lára ewé lòbẹ́líà, nítorí pé kò sí ẹ̀rí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ẹnu kíkorò kì í pẹ́ lọ. Ohun tí ọpọlọ ń béèrè ṣì wà níbẹ̀.

Nọ́ńbà NÁFDÀKÌ pẹ̀lú máa ń rú ni lójú. Lára egbòogi tí wọ́n kàn forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́tà L ló máa ń gbẹ̀yìn nọ́ńbà yẹn, gbólóhùn kéékèèké kan á sì wà lára ìgò pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní oògùn náà ń ṣe wò. Àgbo inú ìgò tí a fi ògógóró rẹ tún burú jù: ọtí wà lára ohun tó máa ń dá ẹni tó ti jáwọ́ padà sídìí sìgá, òun náà ni wọ́n sì fi ń ṣe oògùn rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tó bá torí èyí sọ pé ewé kankan kò lè ran amusìgá lọ́wọ́ ti ṣàṣejù. Igi kan wà nílẹ̀ Yúróòpù tí a ń pè ní làbọ́nọ́mù, onímájèlé ni. Láti inú kóró èso rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí sáítísíìnì. Bùlgéríà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di oògùn oníhóró lọ́dún 1964. Ọjọ́ 25 ni wọ́n fi ń lò ó: hóró mẹ́fà lójúmọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ènìyàn pa sìgá tì tó bá fi máa di ọjọ́ karùn-ún, kó sì máa dín oògùn náà kù títí yóò fi tán. Ibi tí níkótíìnì ń jókòó sí nínú ọpọlọ ló máa ń jókòó sí. Nínú àkójọ Cochrane ọdún 2023, níbi tí ènìyàn mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ti ń jáwọ́ láìsí oògùn, bíi mẹ́rìnlá ló ń jáwọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ewé ń jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wíwọ̀n àti kíkà ló fi hàn, kì í ṣe ewé mìíràn tí wọ́n fi kún un. Mẹ́rìnlá yẹn náà tún fi hàn pé oògùn tó dára jù ṣì ń fi ọ̀pọ̀ sílẹ̀.

Níwájú àtẹ tàbí lórí fóònù, ìbéèrè mẹ́ta tó fún ẹni tó fẹ́ ra oògùn sìgá. Ènìyàn mélòó ló lò ó lápapọ̀, kì í ṣe mélòó ló yìn ín? Mélòó ni kò tíì fọwọ́ kan sìgá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ta ló sì kà wọ́n? Kí ló wà nínú rẹ̀, báwo ló sì ti pọ̀ tó? Ẹni tí kò rí ìdáhùn gbà lè mú owó ìgò náà wọ ọkọ̀ lọ sí Barnawa, níbi tí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àìsàn ọpọlọ wà, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹni tí oògùn olóró ti di bárakú fún: ìmọ̀ràn tí a ń gbà léraléra pẹ̀lú oògùn tí a wọ̀n ló ní ẹ̀rí ju èyí tí a gbà níkan lọ.