Bí Fóònù Ṣe Ń Rí Ṣọ́ọ̀bù Láti Ọ̀nà Jíjìn

Kámẹ́rà aṣọ́lé ni ẹ̀kọ́ wa lọ́sẹ̀ yìí.

Ká ní ìyá kan ní ṣọ́ọ̀bù ní Bódìjà, Mọ́níyà ló sì ń gbé. Kámẹ́rà mẹ́rin ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Wáyà kọ̀ọ̀kan wọnú àpótí kan tó ń gba àwòrán sílẹ̀ sórí háàdì dísìkì. Títí dé ibí, kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì nínú ọ̀rọ̀ náà.

Kí màmá tó lè máa wò ó láti ilé, nǹkan mẹ́ta ló kù. Èkíní, a ó fi wáyà so àpótí mọ́ ráútà tó ní síìmù. Èkejì, a ó wọ ibi ètò àpótí, a ó tan P2P. Tó bá kọ Online, àpótí ti rí ọ̀nà jáde nìyẹn. Ẹ̀kẹta, a ó gba áàpù ilé-iṣẹ́ tó ṣe àpótí sórí fóònù, a ó fi ya àmì QR ara àpótí, a ó sì tẹ páswọ́ọ̀dù. Ẹ má lo páswọ́ọ̀dù tó bá àpótí wá o! Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè máa bá yín ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á dúró ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á rí àwòrán, wọ́n á ní iṣẹ́ ti parí. Bẹ́ẹ̀ wáífáì ráútà kan náà ni fóònù wọn wà. Àwòrán lè gba inú ráútà bọ́ sí fóònù láì jáde síta rárá. Ẹ pa wáífáì fóònù, kí ẹ fi dátà ara rẹ̀ wò ó. Tí kò bá wá hàn mọ́, wáyà kọ́ ló bàjẹ́. Ẹ yẹ dátà síìmù ráútà àti P2P wò.

Dátà ńkọ́? Ká ní a ṣètò Sub Stream, àwòrán kékeré, sí kílóbíìtì 512 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bíìtì 8 ló ń jẹ́ báìtì 1, nítorí náà kílóbáìtì 64 ni. Ìṣẹ́jú-àáyá 3,600 ló wà nínú wákàtí kan: 64 lọ́nà 3,600 jẹ́ 230,400, ìyẹn nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 230 fún kámẹ́rà kan. Tí Main Stream, àwòrán ńlá, bá wà ní kílóbíìtì 4,096, ìlọ́po mẹ́jọ ni: ó lé ní gígábáìtì 1.8! Ráútà máa san án bó ṣe ń fi í ránṣẹ́, fóònù náà á san án bó ṣe ń gbà á. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí màmá máa fi Sub Stream ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, kó wá bọ́ sí Main Stream nígbà tó bá fẹ́ mọ ojú ẹnì kan.

Tí màmá ò bá wò ó, àpótí ṣì ń gba àwòrán sílẹ̀ láì jẹ dátà. Ṣùgbọ́n tí iná bá lọ, tí kò sí bátìrì tó gbé àpótí, kámẹ́rà àti ráútà, gbogbo rẹ̀ á kú. Offline ni fóònù máa kọ. Kí ẹ tó pe oníṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi ará ṣọ́ọ̀bù bóyá iná wà.