Ìtò Àtẹ àti Ọ̀já Àṣẹ lórí Ojú Kọ̀ǹpútà Àgbéká Kékeré

1. Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn bí a ṣe lè tún ojú kọ̀ǹpútà àgbéká kékeré tò kí àyè ìkọ̀wé lè pọ̀ sí i, láìjẹ́ pé a pàdánù àwọn àmì tí ó yẹ kí ojú wa máa rí nígbà gbogbo. Ẹ̀rọ tí a mú ṣe àpẹẹrẹ ni MacBook Air oníínṣì 11, tí ilé-iṣẹ́ Apple ṣe láàárín ọdún 2010 sí 2016. Ẹ jẹ́ kí a rò ó pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà tí ó wà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ra irú rẹ̀ ní tòkunbọ̀, tí ó sì ń fi í kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ẹ̀dà ọdún 2015 ni. MacOS Monterey sì ni ètò tí ń darí rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀dà náà lè dé mọ.

2. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò

Dock ni a pè ní àtẹ. Bí ìyálọ́jà ṣe ń pàtẹ ọjà wẹ́wẹ́ síwájú ilé kí ẹni tí ń kọjá lè mú èyí tí ó bá fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a pàtẹ àmì àwọn ètò sí etí ojú ẹ̀rọ. Igbá tóóró tí ó wà lókè pátápátá, níbi tí orúkọ àwọn àṣẹ wà lọ́wọ́ òsì, tí aago àti àmì bátìrì sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ni a pè ní ọ̀já àṣẹ. Ẹnìkan lè fẹ́ pè é ní ìlà àṣẹ, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn dára jù fún ìlà tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ fún ẹ̀rọ nínú Terminal, èyí tí a ó rí ní ìpín kẹrin. Magnification ni ìmútóbi. Píksẹ́lì ni ẹyọ kéékèèké tí àwòrán ojú ẹ̀rọ fi ń hàn. Òun ni a ó máa fi wọn nǹkan.

3. Gíga ni ó wọ́n, kì í ṣe ìbú

Ojú ẹ̀rọ yìí jẹ́ píksẹ́lì 1366 ní ìbú, 768 ní gíga. Ọ̀já àṣẹ gba 24 nínú gíga yìí, ó ku 744. Bí àtẹ bá wà nísàlẹ̀, tí àmì rẹ̀ sì tóbi tó 64, àtẹ náà pẹ̀lú etí rẹ̀ yóò gba bí 80. Ó ku bí 664, ètò ìkọ̀wé kò sì tíì mú tirẹ̀ níbẹ̀. Ìlà Yorùbá nílò àyè dáadáa, nítorí pé àmì ohùn wà lórí lẹ́tà, àmì ìsàlẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀; bí a bá há ìlà mọ́ra, àwọn àmì méjèèjì á máa kan ara wọn. Bí ìlà kan bá gba 27, àtẹ nìkan ti gbé ìlà mẹ́ta lọ.

Ní ti ìbú, ojú-ìwé A4 tí a kò mú tóbi tí a kò sì mú kéré kò gbà ju bí 800 lọ nínú ọ̀pọ̀ ètò ìkọ̀wé. Èyí fi hàn pé bí 500 ló ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí àtẹ lọ.

4. Bí a ṣe ń tún àtẹ tò

A ó ṣí System Preferences, a ó sì yan Dock & Menu Bar. Láti orí Ventura, tí ó jáde ní 2022, System Settings ni orúkọ ibẹ̀, Desktop & Dock ni a ó sì yàn. Ní Position on screen, a ó yan Left. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, 80 tí a pàdánù padà sí gíga.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tí kì í tètè yé ènìyàn. Àtẹ tí ó dúró lóòró kò ní àyè tó èyí tí ó nà gbọọrọ nísàlẹ̀. Bí àmì inú rẹ̀ bá pọ̀ ju gíga tí ó wà lọ, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yóò dín gbogbo wọn kù kí wọ́n lè gbà. Bí a ṣe lè mọ̀ ni pé a ó máa fa Size síwájú, àmì kò ní tóbi sí i. Kì í ṣe pé Size bàjẹ́. Èrò ló pọ̀ jù nínú ọkọ̀. Bí a bá fẹ́ kí àmì tó 36, kí a má fi ju bí mẹ́rìndínlógún sílẹ̀. A ó fa àmì tí a kò lò kúrò lórí àtẹ títí Remove yóò fi hàn, a ó sì pa Show recent applications in Dock, tí ń fi àmì tí a kò bẹ̀ ẹ́ kún un. Ètò náà kò parẹ́ nínú ẹ̀rọ. Àmì rẹ̀ nìkan ló kúrò lórí àtẹ.

Lẹ́yìn èyí ni ìmútóbi wúlò. Bí àmì bá jẹ́ 36, kí a fa Magnification títí èyí tí atọ́ka wà lórí rẹ̀ yóò fi tó bí ìlọ́po méjì. Kò gba àyè kankan lọ́wọ́ ìwé, nítorí pé ìgbà tí atọ́ka bá débẹ̀ nìkan ni ó ń wú. Bí a bá fi ìwọ̀n ìmútóbi sí iye kan náà pẹ̀lú Size, kò ní sí ìyàtọ̀ kankan lójú.

Fífi àtẹ pamọ́ ni ó gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn. Nígbà tí ìbú ṣì ṣófo, kò sí èrè nínú rẹ̀. Àtẹ á kàn máa yọ jáde nígbàkígbà tí atọ́ka bá ṣèèṣì kan etí òsì. Bí iṣẹ́ wa bá jẹ́ tábìlì fífẹ̀ tí ó nílò gbogbo ìbú, kí a tẹ Option, Command àti D pọ̀. Bí àtẹ bá ń yọ láìyẹ, kí a fún un ní ìdádúró ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá nínú Terminal:

```
defaults write com.apple.dock autohide-delay -float 0.5
killall Dock
```

Bí a bá fẹ́ dá a padà sí bí ó ti wà:

```
defaults delete com.apple.dock autohide-delay
killall Dock
```

5. Ọ̀já àṣẹ: ohun tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́

Àmì ọwọ́ ọ̀tún àti orúkọ àṣẹ ọwọ́ òsì jọ ń pín ìbú kan ṣoṣo ni. Bí ètò tí a ń lò bá ní orúkọ àṣẹ púpọ̀, ẹ̀rọ á fún orúkọ wọ̀nyí láyè, á sì pa lára àwọn àmì mọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, bẹ̀rẹ̀ láti èyí tí ó wà níhà òsì jù. Akẹ́kọ̀ọ́ wa lè rò pé ètò tí ó ni àmì náà ti kú. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: kí ó tẹ Finder, tí orúkọ àṣẹ rẹ̀ kò pọ̀. Bí àmì náà bá padà wá, àyè ló há, ètò náà wà láàyè.

Ojútùú rẹ̀ ni kí a di Command mú, kí a sì fa àmì tí a nílò sí ìhà ọ̀tún, kí a fa èyí tí a kò nílò bọ́ sísàlẹ̀ títí yóò fi kúrò. Èyí tí kò bá gbà kí a fà á kúrò, inú ètò tí ó ni ín ni a ó ti pa á.

Méjì ni a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Èkíní ni àmì pátákó ìtẹ̀wé, tí a ń tan láti inú Keyboard, ní Input Sources. Òun ni yóò sọ fún wa bóyá ABC – Extended, tí ó ní àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀, ni a wà, tàbí òmíràn. Èkejì ni bátìrì, pẹ̀lú Show Percentage. Ní ibi tí iná ọba ti ń lọ láìrò tẹ́lẹ̀, tí bátìrì tòkunbọ̀ sì ti gbó, ẹni tí kò rí iye tí ó kù lè pàdánù ojú-ìwé tí kò tíì fi pamọ́ sínú ẹ̀rọ. Ewu yìí pọ̀ jù nígbà tí ìwé bá gba gbogbo ojú ẹ̀rọ, nítorí pé ọ̀já àṣẹ náà ń farapamọ́ nígbà náà. Monterey fún wa ní àṣẹ tí a fi lè dá a dúró: kí a mú àmì kúrò níwájú Automatically hide and show the menu bar in full screen.

6. Ìgúnlẹ̀

Ìṣirò wa wá rí báyìí. Àtẹ gba bí 50 nínú ìbú, ó ku 1316, èyí tí ó ju ohun tí ojú-ìwé A4 nílò lọ. Gíga 744 wá jẹ́ ti iṣẹ́ pátápátá. Píksẹ́lì 24 tí a fi sílẹ̀ fún ọ̀já àṣẹ kò tó ìlà kan, òun ni a sì fi ń mọ iye iná tí ó kù.