Iná Oòrùn ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa: Ìròyìn Ìwádìí, Iye Owó àti Ewu Rẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí wa, ẹ béèrè bóyá ó ṣeé ṣe kí ilé-ẹ̀kọ́ wa bọ́ lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀, kí ó máa lo iná oòrùn. Ìdáhùn wa ni pé ó ṣeé ṣe, bí a bá lè ṣe ohun méjì: kí a má ṣe jẹ́ kí ohun tí a ń tan ju èyí tí a kà lọ, kí a sì máa fi owó bátìrì tuntun pamọ́ láti ọdún kìíní.

Ohun tí a ń tan

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí iye páńẹ́lì tí wọn yóò rà. Àwa bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí a ń tan. Yúnìtì kan, irú èyí tí a ń rà sínú mítà, ni ohun tí ẹ̀rọ oníwáàtì 1,000 ń jẹ ní wákàtì kan. Láti agogo méje sí agogo mọ́kànlá alẹ́, gílóòbù 40 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 10, pẹ̀lú fáànù 20 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 70, yóò jẹ yúnìtì 7.2. Ní ọ̀sán, kọ̀ǹpútà 20 yóò jẹ yúnìtì 4 ní wákàtì mẹ́rin, ẹ̀rọ tí ń fa omi kànga yóò sì jẹ 1.5 ní wákàtì méjì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ yúnìtì 12.7 lójoojúmọ́.

Páńẹ́lì àti bátìrì

A fi oṣù òjò ṣe ìṣirò, nítorí pé ìgbà náà ni oòrùn ṣọ̀wọ́n. A ka oòrùn ọjọ́ kan sí wákàtì mẹ́ta àbọ̀ tí ó mú gan-an, a sì yọ ìdá kan nínú mẹ́rin fún ooru, eruku àti wáyà. A mú páńẹ́lì oníwáàtì 550 mẹ́wàá, kí wọ́n lè pín dọ́gba sí ọ̀nà méjì.

Iṣẹ́ alẹ́ ni ti bátìrì. A yan bátìrì lítíọ́mù tí ó gba yúnìtì 10. Kí ó lè pẹ́, a kò gbọdọ̀ fà ju 8 lọ nínú rẹ̀. Ínfátà yóò jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí, yóò sì ku 7.2, tí í ṣe iye tí a nílò gan-an. Kò sí àṣẹ́kù.

Ibí yìí ni ewu tí ó tóbi jù lọ wà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ti irin tí a fi ń hó omi, tí ó jẹ́ wáàtì 1,000, bọ inú garawa fún wákàtì méjì, yúnìtì 2 lọ, iná yóò sì kú ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá dípò mọ́kànlá. Nítorí náà, bí iná bá kú ṣáájú àkókò lẹ́yìn ọjọ́ tí oòrùn mú, kí a kọ́kọ́ wá ohun tí ẹnì kan tì sí i kí a tó dá bátìrì lẹ́bi. A dámọ̀ràn pé kí ihò iná ilé ìsùn má ṣe sí lórí wáyà oòrùn rárá.

Iye owó

Ọjà kì í dúró sójú kan. Ẹ mú iye yìí gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, kí a tún un béèrè lọ́jọ́ tí a ó rà: páńẹ́lì ₦1,300,000, ínfátà ₦800,000, bátìrì ₦2,500,000, férémù, wáyà, ààbò mànàmáná àti owó iṣẹ́ ₦1,000,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦5,600,000.

Bí iná ìjọba kò bá sí, tí jẹnẹrétọ̀ kékeré ń mu lítà kan ní wákàtì, fún wákàtì mẹ́jọ lóòjọ́ àti igba ọjọ́ lọ́dún, epo yóò jẹ́ lítà 1,600. Bí lítà kan bá jẹ́ ₦1,000, ₦1,600,000 nìyẹn. Ṣùgbọ́n a ka ọjọ́ ayé bátìrì àti ínfátà sí ọdún mẹ́wàá, nítorí náà a gbọ́dọ̀ yọ ₦330,000 sọ́tọ̀ lọ́dọọdún láti fi pààrọ̀ wọn. Èrè tòótọ́ jẹ́ ₦1,270,000, owó wa yóò sì padà ní bí ọdún mẹ́rin àbọ̀.

Òrùlé àti òjìji

Páńẹ́lì kan wúwo tó kílò 28, mẹ́wàá sì jẹ́ 280, láìka irin tí ó gbé wọn àti atẹ́gùn tí ń fà wọ́n sókè. Kí káfíńtà yẹ igi àjà wò bóyá ikán ti jẹ ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gun òrùlé. Kí a sì gé ẹ̀ka igi tí òjìji rẹ̀ ń dé ibẹ̀, nítorí pé òjìji lórí páńẹ́lì kan ṣoṣo lè dín agbára gbogbo àwọn tí ó wà lọ́nà kan náà kù.

Ìdámọ̀ràn wa

Bí a bá rí ₦5,600,000 kó jọ, ṣùgbọ́n tí ilé-ẹ̀kọ́ kò lè ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún ₦330,000 ọdọọdún, ìmọ̀ràn wa ni pé kí a dúró ná. Bí àkáǹtì náà bá wà, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.